Òkúta tó so rọ̀ lára sípíríǹgì: ibo ni eré 0.47 ti jáde nínú gíráàfù?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Wọ́n fún wa ní gíráàfù òkúta ìwọ̀n kan tó so rọ̀ lára sípíríǹgì. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó gòkè dé sẹ̀ǹtímítà 6, ó padà kọjá òdo ní ìṣẹ́jú àáyá 0.4, ó lọ sísàlẹ̀ dé −6, ó sì tún padà dé òdo ní 0.8. Wọ́n ní ká wá eré tó pọ̀ jù lọ. Mo kọ́kọ́ fi 0.2 pín 6, mo rí mítà 0.30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tún un ṣe pẹ̀lú fọ́múlà v = 2πA/T, mo lo 12 àti 0.4, mo rí 1.88. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni 0.47. Níbo ni mo ti ṣìnà? Àti pé kí ni 2π tó jẹ́ ti òbírí ń wá nínú ọ̀rọ̀ ohun tó kàn ń lọ sókè-sódò?”

Ọmọ mi, ìdáhùn méjèèjì kò tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú wọn kì í ṣe irú kan náà. 1.88 jẹ́ àṣìṣe ojú. Fọ́múlà tí o lò péye, iye tí o kà láti orí gíráàfù ni kò péye. Ti 0.30 yàtọ̀ pátápátá. Iye tí o kà níbẹ̀ tọ́, ìṣirò rẹ tọ́, eré kan tí òkúta náà sì ní lóòótọ́ ni. Kì í kàn ṣe eré tí wọ́n béèrè ni. Wo 1.88 yẹn dáadáa ná. Tí o bá fi 0.47 pín in, 4 ni wàá rí. Nígbà tí mo bá rí ìdáhùn tó jẹ́ ìlọ́po 4 ìdáhùn tó tọ́ nínú irú ìbéèrè yìí, mi ò tún máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri nínú ìṣirò, nítorí mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹni tó ṣe é ti sọ ánpílítúùdù A, ìyẹn bí òkúta ṣe ń jìnnà tó sí àárín, di ìlọ́po méjì, ó sì ti gé píríọ́ọ̀dù T, ìyẹn ìgbà tí àlọ-àbọ̀ kan gbà, sí ìdajì. Tó bá jẹ́ ìlọ́po 2 péré ni, ọ̀kan nínú méjèèjì ló ṣe.

Kí a tó kan àwọn iye yẹn, jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ohun tí àwòrán náà jẹ́. Òkúta náà kò rin ojú ọ̀nà tó rí kọ́rọkọ̀rọ bí ìgbì omi. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ, lórí ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán. Ká ní o so pẹ́ńsù mọ́ ọn lára, tí pẹ́ńsù náà fẹnu kan tákàdá, tí ẹnì kan wá ń fa tákàdá náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ láì dẹwọ́, láì yára sí i, ohun tí pẹ́ńsù máa yà sílẹ̀ gan-an ni gíráàfù rẹ. Gíga ìlà náà ń sọ ibi tí òkúta wà. Bí ìlà náà ṣe ń lọ sí ọ̀tún ń sọ ìgbà tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ìlà bá ti dúró gangan jù ni òkúta ti ń sáré jù, torí pé àyè tó fò kọjá pọ̀, ìgbà tó lò kéré. Ibi tí ìlà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi ní orí òkè rẹ̀, òkúta ti dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú akàn kó tó yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń tọ́ka sí orí òkè gíráàfù pé ibẹ̀ ni eré ti pọ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ló ga jù lójú. Gíga ibẹ̀ ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó ni, kò sọ ohunkóhun nípa eré.

Ó yá, ánpílítúùdù. Ibi ìsinmi ni a ti ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ibi tí òkúta máa dúró sí tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Láti ibẹ̀ dé ibi tó jìnnà jù lọ lápá kan ni ánpílítúùdù, kì í ṣe láti òkè pátápátá dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nínú gíráàfù tìrẹ, òdo ni ibi ìsinmi, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 6 ni. Ìdí tí a kò fi wọ̀n ọ́n láti etí dé etí ni pé ibi ìsinmi ni gbogbo ipá tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkúta yìí kọjú sí. Bí òkúta bá wà lókè, ipá náà ń tì í wálẹ̀ síbẹ̀; bí ó bá wà nísàlẹ̀, ó ń fà á gòkè síbẹ̀; bí ó bá sì ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó ni ipá náà ṣe ń le tó. Robert Hooke ló tẹ òfin yìí jáde ní 1678, pé bí sípíríǹgì bá ṣe nà tó ni yóò ṣe fà tó. Ṣàkíyèsí pé ibi ìsinmi yìí kì í ṣe ibi tí ìdí sípíríǹgì wà kí o tó so òkúta kọ́ ọ. Òkúta ti kọ́kọ́ fà á gùn sísàlẹ̀, ibi tí ó wá dúró sí lẹ́yìn ìyẹn ni òdo rẹ.

Òdo kì í sábà wà ní àárín báyìí nínú gíráàfù tó ti ara ìdánwò gidi wá. Nígbà kan, mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ibi tí nǹkan wà kalẹ̀ sábẹ́ òkúta kan tó ń fì, ẹ̀rọ náà sì ń kọ bí òkúta ṣe jìnnà sí òun sílẹ̀. Ìlà tó jáde ń lọ láti 31 dé 43. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa jókòó tì mí, ó sì kọ ọ́ pé ánpílítúùdù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, òkúta náà ì bá ti máa fi orí gbá ẹ̀rọ mi. Ohun tó yẹ ní irú ibẹ̀ ni kí o yọ 31 kúrò nínú 43, kí o rí 12, kí o wá pín 12 yẹn sí méjì. 6 ni ánpílítúùdù, ibi ìsinmi sì wà ní 37, ní agbedeméjì. Mo rò pé ibi tí 12 tìrẹ ti wá nìyí: o ti ṣe apá àkọ́kọ́, o kàn gbàgbé láti pín in sí méjì ni.

Píríọ́ọ̀dù ni ìgbà tí àlọ-àbọ̀ kan tó pé pérépéré gbà. Òótọ́ ni pé ìlà kan òdo ní 0.4, ṣùgbọ́n àlọ-àbọ̀ kò tíì pé nígbà yẹn. Fojú inú wo ẹni tó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ògiri méjì, tí fèrèsé wà ní àárín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gba iwájú fèrèsé kọjá nínú àlọ-àbọ̀ kan, àmọ́ ọ̀tún ló kọjú sí nígbà kan, òsì ló kọjú sí nígbà kejì. Òkúta rẹ ń gòkè lọ ní òdo àkọ́kọ́, ní 0.4, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ibì kan náà ló wà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ti yí padà. Ní 0.8 nìkan ni ó tó padà sí òdo, tó sì tún kọjú sókè bíi ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé 0.8 ni píríọ́ọ̀dù. Ìlà òdo méjì tó tẹ̀ lé ara wọn máa ń fún ọ ní ìdajì ni. Èyí tí o fẹ́ ni òdo méjì tí ìlà ti kọjú sí ọ̀nà kan náà.

O lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú wọn láti orí òkè kan dé orí òkè kejì. A lè ṣe é, ó sì tọ́, àmọ́ orí òkè kò rọrùn láti rí pàtó. Nínú gíráàfù tìrẹ yìí, láti ìgbà tí ìlà bá ti kù mìlímítà 1 kó dé orí òkè títí di ìgbà tó bá tún fi mìlímítà 1 sọ̀kalẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú àáyá 0.047. Ojú kò lè sọ ibi tí òkè wà gan-an nínú gbogbo àyè yẹn, pàápàá tí ẹni tó ya gíráàfù bá lo pẹ́ńsù tó kú. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ìlà ti gé òdo kọjá, nǹkan bí 0.004 péré ló gbà á láti ti mìlímítà 1 lókè dé mìlímítà 1 nísàlẹ̀. Ó fi ju ìlọ́po mẹ́wàá dájú ju orí òkè lọ. Nítorí náà, orí òkè ni kí o ti ka ánpílítúùdù, torí pé ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì lè tàn ọ́ jẹ. Ibi tí ìlà ti gé òdo ni kí o ti ka píríọ́ọ̀dù. Bí àlọ-àbọ̀ púpọ̀ bá sì wà lórí gíráàfù náà, ka márùn-ún papọ̀ kí o fi 5 pín àpapọ̀ ìgbà wọn, àṣìṣe ojú rẹ yóò di ìdá márùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, ká wá sí 0.30, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí o kọ, nítorí pé ìwọ fúnra rẹ lo ronú kàn án. O wò ó pé òkúta rin sẹ̀ǹtímítà 6 láàárín 0.2, o fi ìkejì pín ìkíní. Sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni eré àárín fún ìrìn yẹn. Ká ní òkúta náà lo eré kan náà láti àárín dé òkè, ìyẹn ì bá ti jẹ́ eré tó pọ̀ jù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò lo eré kan náà. Ó ti àárín gbéra pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dúró lókè. Wò ó lórí gíráàfù rẹ. Ní 0.1, tí ìgbà yẹn jẹ́ ìdajì, òkúta kò wà ní sẹ̀ǹtímítà 3, 4.24 ló wà. Ìyẹn ni pé ó rin 4.24 nínú ìdajì àkọ́kọ́, ó wá rin 1.76 péré nínú ìdajì kejì. Eré àárín rẹ̀ nínú ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ìdajì kejì kò ju 17.6 lọ. 30 tìrẹ ni àárín méjèèjì. Eré tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ ju 42.4 lọ, nítorí pé nínú ìdajì àkọ́kọ́ yẹn náà, eré ti ń dín kù.

Má ṣe dúró níbẹ̀. Gé ìgbà náà kúrú sí i. Ní 0.05, òkúta wà ní nǹkan bíi 2.30, eré rẹ̀ láti òdo dé ibẹ̀ jẹ́ 45.9. Tí a bá gé e dé 0.01, ibi tí ojú kò ti lè ka gíráàfù mọ́ tó jẹ́ pé ìṣirò ni mo fi rí i, òkúta á wà ní 0.471, eré rẹ̀ á jẹ́ 47.1. Bó o bá tún gé e kúrú ju ìyẹn lọ, 47.1 náà lo ó máa rí. 30, 42.4, 45.9, 47.1: ọ̀nà tí o gbé e gbà lákọ̀ọ́kọ́ ló ń bọ̀ wá kan ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé, o kàn tètè dúró ni. Bí o bá fi mítà kà á, sẹ̀ǹtímítà 47.1 di mítà 0.471, ìyẹn 0.47 tí wọ́n kọ.

Ibì kan wà tí ó ṣeé ṣe kó máa dí ọ lọ́wọ́ tí o kò sì béèrè. Ní òdo, ipá tó ń ti òkúta sí ibikíbi jẹ́ òdo pẹ̀lú, torí pé ìfàsókè sípíríǹgì àti ìwúwo òkúta bára mu níbẹ̀. Ní òkè àti nísàlẹ̀ ni ipá ti pọ̀ jù. Báwo ni eré ṣe wá pọ̀ jù níbi tí ipá kò ti sí? Ronú nípa òkúta bó ṣe ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ipá ń tì í gòkè, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ó ṣe ń sún mọ́ àárín, ipá náà ń rọ̀, àmọ́ ó ṣì ń tì í gòkè, eré náà ṣì ń pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ní àárín gan-an ni ipá dáwọ́ dúró. Gbàrà tí òkúta bá kọjá ibẹ̀, ipá kọjú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn, eré sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ibi tí ipá ti yí ọ̀nà padà ni eré ti dé góńgó. Ipá kì í sọ iye eré. Ohun tó ń sọ ni bí eré ṣe ń yí padà.

Òbírí ló kù. Ṣe àwo pẹlẹbẹ kan lọ́kàn, tó ń yí lọ láì dẹwọ́, tí o lẹ bọ́ọ̀lù kékeré kan mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí àárín rẹ̀. Gbé e dúró lóòró, kí o wá tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji bọ́ọ̀lù náà bọ́ sára ògiri. Bọ́ọ̀lù ń yí, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ lórí ògiri kò yí. Òkè-odò ló ń lọ, láti 6 dé −6. Tí àwo náà bá ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 0.8, òjìji yẹn àti òkúta rẹ á jọ máa lọ, wọ́n á jọ máa bọ̀, ìkan kò ní ṣáájú ìkan rárá. Ìdí tí wọn kò fi lè yàtọ̀ síra ni òfin Hooke tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó mú bọ́ọ̀lù máa yí ni ìfà kan tó kọjú sí àárín àwo. Ìpín ìfà yẹn tó bọ́ sí ọ̀nà òkè-odò máa ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bí òjìji bá ṣe jìnnà sí àárín, bó ṣe rí pẹ̀lú sípíríǹgì gẹ́lẹ́. Ohun méjì tí irú ipá kan náà ń darí, tí wọ́n sì gbéra lọ́nà kan náà, kò lè ya ara wọn.

Wàyí o, bọ́ọ̀lù tó wà lára àwo ní eré kan ṣoṣo, ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n etí òbírí tó ń tọ̀ jẹ́ 2π nígbà 6, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 37.7, ó sì ń yí i po ní 0.8. Fi 0.8 pín 37.7, wàá rí 47.1. Òjìji kì í sábà lo gbogbo eré yìí, torí pé bọ́ọ̀lù máa ń sún sí ọ̀dọ̀ iná tàbí kó sún sí ọ̀dọ̀ ògiri, sísún bẹ́ẹ̀ kò sì hàn lára òjìji. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjìji bá ń kọjá ní àárín, òkè tààrà tàbí ìsàlẹ̀ tààrà ni bọ́ọ̀lù ń lọ, gbogbo eré rẹ̀ ló sì hàn. Eré òbírí náà ni eré tó pọ̀ jù fún òkúta. Ibẹ̀ ni 2π ti wọlé, ohun tí fọ́múlà rẹ sì ń sọ nìyẹn:

v = 2πA/T = 2π × 0.06 / 0.8 = 0.471 m/s

Ìwé rẹ lè kọ 2π/T bí ω, kó wá kọ v = ωA. Ọ̀kan náà ni. Rántí pé mítà ni kí o fi kọ A, 0.06 kì í ṣe 6, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sẹ̀ǹtímítà ni ìdáhùn rẹ yóò jẹ́. Tún wo ìlà ìgbà tó wà nísàlẹ̀ gíráàfù kí o tó kà á. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 800 sí dípò 0.8, torí pé ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń kà, ẹni tó ń kánjú sì lò ó bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ mọ bí 30 tìrẹ ṣe bá 47.1 tan, òjìji rin ìlọ́po 4 ánpílítúùdù, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 24, nígbà tí bọ́ọ̀lù rin 37.7. Ìdí nìyẹn tí eré tó pọ̀ jù fi máa ń jẹ́ ìlọ́po 1.57 eré àárín, ìdajì π, nínú gbogbo irú ìfì báyìí, kékeré tàbí ńlá.

Bí wọ́n bá ní kí o lo ìdagẹ̀rẹ̀ gíráàfù dípò fọ́múlà, fi rúlà kan ìlà náà níbi tó ti gé òdo kọjá ní 0.4, kí ó fara tì í láìgé e wọlé, kí o wá fa ìlà tó gùn láti gíga 6 dé −6. Ìlà tó dáa yóò gba nǹkan bíi 0.25 láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí o bá sì fi 0.25 pín 0.12 mítà, 0.48 ni. Èyí sún mọ́ ìdáhùn tó. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni ti ẹni tó yan àmì méjì lórí ìlà kọ́rọkọ̀rọ náà fúnra rẹ̀, bíi ní 0.3 àti 0.5, tó wá so wọ́n pọ̀. Òun á rí 0.42, torí pé ìlà ti ń tẹ́ ní ìkángun méjèèjì. Rúlà máa fún ọ ní iye tó ní àmì −, nítorí pé òkúta ń sọ̀kalẹ̀ ní 0.4. Eré ni wọ́n béèrè, kì í ṣe ọ̀nà tó kọjú sí, nítorí náà yọ àmì yẹn kúrò. Láàárín ọ̀nà méjèèjì, fọ́múlà ni màá gbà ọ́ níyànjú láti fi ṣe ìdáhùn, kí o fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tó ń fi rúlà kan ìlà lè fi ìdá kan nínú ogún ṣìnà láìmọ̀. Àmọ́ bí fọ́múlà bá fún ọ ní 1.88, tí rúlà sì fún ọ ní 0.48, o ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé o ka nǹkan kan sódì.

Fọ́múlà yìí kò béèrè ìwúwo òkúta, kò béèrè bí sípíríǹgì ṣe le tó. Àwọn méjèèjì ti wà nínú píríọ́ọ̀dù tí o kà. Ìwúwo sípíríǹgì fúnra rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ṣírò T láti ara ìwúwo òkúta nìkan máa ń gbàgbé, tí iye tiwọn á wá kéré díẹ̀ sí ohun tí aago sọ. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwúwo, fi yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ká ní òkúta náà, m, jẹ́ kìlógíráàmù 0.5: líle sípíríǹgì, k, ìyẹn mω², á jẹ́ nǹkan bíi 30.8 N/m. Agbára tí sípíríǹgì àti òkúta jọ tọ́jú nígbà tí òkúta wà ní ìkángun, ½kA², á jẹ́ 0.0555 J. Ní àárín, gbogbo rẹ̀ ti di ti eré, ½mv², èyí tó tún fún ọ ní v tó jẹ́ 0.471.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lé e pé orí òkè gíráàfù kò ń kúrú sí i. Nínú ìdánwò gidi, afẹ́fẹ́ àti sípíríǹgì fúnra rẹ̀ máa ń jẹ lára agbára náà. Bí òkè àkọ́kọ́ bá jẹ́ 6.0 tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 5.0, má lo 6.0 fún gbogbo ibi tí ìlà ti gé òdo kọjá. Píríọ́ọ̀dù kò yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi máa rí i, ánpílítúùdù ló ń dín kù, nítorí náà lo ìwọ̀n tó bá ibẹ̀ mu. Ibi àkọ́kọ́ tí ìlà ti gé òdo kọjá lẹ́yìn 6.0 máa ní nǹkan bíi 5.7, eré rẹ̀ á sì jẹ́ 0.45. Ìṣirò ìsúnmọ́ ni, ó sì tó níwọ̀n ìgbà tí òkè kò bá wọlẹ̀ ju báyìí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àlọ-àbọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni òkúta fi dákẹ́, bí ẹni pé inú òróró ló wà, padà sí rúlà, kí o gbàgbé fọ́múlà.

Ibi tí fọ́múlà náà yóò ti já sílẹ̀ pátápátá ni ibi tí sípíríǹgì kò bá ti lè pa òfin Hooke mọ́. Tí o bá fa òkúta rẹ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9 dípò 6, píríọ́ọ̀dù á ṣì jẹ́ 0.8, eré tó pọ̀ jù á sì gòkè dé 0.71, torí pé ipá náà pọ̀ sí i bí àyè tí òkúta fẹ́ rìn ṣe pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n má rò pé ó máa ń lọ bẹ́ẹ̀ títí. Sípíríǹgì tó ń fì ní 0.8 ti kọ́kọ́ nà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 nígbà tí o so òkúta kọ́ ọ, òkúta ìwọ̀n yòówù kó jẹ́. Ohun tó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé gígùn tí òkúta mú un nà, àti píríọ́ọ̀dù, ìpín kan náà láàárín ìwúwo àti líle ni wọ́n dúró lé. Tí o bá fà á wálẹ̀ ní 18, òkúta á gòkè kọjá ibi tí sípíríǹgì kò ti nà mọ́ rárá, àwọn òrùka ara sípíríǹgì náà á fi ara gbá ara wọn tàbí kó rọ̀ jọwọrọ. O lè fi etí gbọ́ ọ, ó máa ń dún kàn-ìn. Lórí gíráàfù, wàá rí i pé orí òkè kò jọ ìsàlẹ̀ mọ́, àti pé ìgbà tí òkúta lò lókè òdo kò dọ́gba pẹ̀lú ìgbà tó lò nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí o bá rí irú gíráàfù bẹ́ẹ̀, kò sí òbírí tí òjìji rẹ̀ jọ ọ́, 2π kò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Rúlà rẹ nìkan ló lè sọ eré náà fún ọ.